Ìròyìn iṣẹ́ àṣewò: ìdàgbà dọ́kíwíìdì nínú abọ́, ìlà lọ́jísítíìkì, àti ohun tí K ń sọ

Ibi iṣẹ́: ọ̀dẹ̀dẹ̀ yàrá àṣewò, Ìkòròdú. Ibi tí ewéko ti wá: ojú omi kòtò ẹja àrọ̀ kan nítòsí Májídun.

Ìdí iṣẹ́

Dọ́kíwíìdì ni ewéko wínníwínní tó máa ń bo ojú omi kòtò ẹja bí ẹni tẹ́ ẹní aláwọ̀ ewé sórí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ojú oró ni. Ojú oró tóbi débi tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé e, ṣùgbọ́n ewé dọ́kíwíìdì tiwa yìí kò ju mìlímítà mẹ́rin lọ. Lẹ́mínà ni irú tí a lò. Gbòǹgbò ni a fi dá a mọ̀: ewé kọ̀ọ̀kan ní gbòǹgbò kan ṣoṣo, nígbà tí Sipirodẹ́là máa ń ní púpọ̀, tí Wọ́fíà kò sì ní rárá. Kì í dúró de òdòdó tàbí èso kó tó pọ̀ sí i. Ewé tuntun máa ń yọ láti ẹ̀gbẹ́ ewé àtijọ́, yóò sì já kúrò lára rẹ̀ tó bá yá. Ìdí nìyí tó fi rọrùn láti kà.

Ìbéèrè méjì ni iṣẹ́ yìí ní. Èkíní ni bóyá iye ewé ń tẹ̀ lé ìlà lọ́jísítíìkì, ìyẹn ìlà ìdàgbà tó ń gùn kíákíá lákọ̀ọ́kọ́ tó sì ń tẹ́ nígbà tó bá yá, èyí tí Verhulst ará Belgium gbé jáde ní 1838. Èkejì ni ìtumọ̀ K, ìyẹn iye tí àyè lè gbà. Èkejì yìí ni ìròyìn yìí yóò gbájú mọ́ jù, torí kò sẹ́ni tí kọ̀ǹpútà kò lè bá wá K. Wàhálà wà nínú kí a mọ ohun tí K náà jẹ́ ti.

Bí a ṣe ṣe é

A lo abọ́ ike mẹ́fà tí ẹnu wọn fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, èyí tó fún ojú omi ní fífẹ̀ 78.5 cm². A bu omi 400 ml sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Abọ́ mẹ́ta gba omi A, tí í ṣe omi kòtò ẹja ìdá kan pẹ̀lú omi òjò ìdá mẹ́sàn-án. Mẹ́ta yòókù gba omi B, nínú èyí tí omi kòtò ẹja àti omi òjò jẹ́ ọgbọọgba. A kọ́kọ́ fi aṣọ funfun sẹ́ omi kòtò náà kí ìgbín omi má baà wọlé wá jẹ ewé, a sì fi àwọ̀n ẹ̀fọn bo gbogbo abọ́. Ewé 20 tó tutù yọ̀yọ̀ ni a fi sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan.

Omi òjò nìkan ni a fi ń dí èyí tí oòrùn bá fà gbẹ. Bí a bá fi omi kòtò dí i, a jẹ́ pé oúnjẹ tuntun ni à ń fún ewéko láì sọ.

Gbogbo ọjọ́ kejì kejì ni kíkà ń wáyé. A ń ya àwòrán abọ́ pẹ̀lú fóònù láti òkè, a ń gbé e sójú kọ̀ǹpútà, a sì ń fàmì sí ewé kọ̀ọ̀kan bí a ṣe ń kà á. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú lásán ka ewé tó lé ní irínwó lórí omi tó ń mì, ó kù sí i lọ́wọ́. Ewé kékeré tó bá ti yọ jáde lára ìyá rẹ̀ débi tí a fi rí i ni a kà sí ẹyọ kan. Ewé tó ti funfun, tó ti kú, a kò kà á. Òfin méjèèjì yìí ṣe pàtàkì, nítorí K yóò yí padà bí wọ́n bá yí padà.

Iye ewé nínú omi A (ìpíndọ́gba abọ́ mẹ́ta)

| Ọjọ́ | Iye tí a kà | Iye tí ìlà sọ |
|---|---|---|
| 0 | 20 | 20 |
| 2 | 35 | 36 |
| 4 | 66 | 64 |
| 6 | 104 | 106 |
| 8 | 168 | 164 |
| 10 | 225 | 229 |
| 12 | 293 | 289 |
| 14 | 331 | 336 |
| 16 | 372 | 367 |
| 18 | 384 | 386 |
| 20 | 401 | 397 |
| 22 | 398 | 403 |
| 24 | 408 | 406 |

Fífi ìlà bá iye mu

Ìlà tí a lò nìyí:

N(t) = K / (1 + ((K − N₀)/N₀)·e^(−rt))

N₀ ni iye tí a fi bẹ̀rẹ̀, r ni ìyára ìdàgbà nígbà tí àyè ṣì gbòòrò, K sì ni iye tí ìlà ń lọ bá. Níwọ̀n bí àwa fúnra wa ti ka ewé 20 sínú abọ́, a kò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa wá N₀ kiri. K àti r nìkan ló wá, nínú R, èdè kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò:

```r
ojo <- seq(0, 24, 2)
ewe <- c(20,35,66,104,168,225,293,331,372,384,401,398,408)
m <- nls(ewe ~ K/(1 + ((K-20)/20)*exp(-r*ojo)),
         start = list(K = 400, r = 0.3))
summary(m)
confint(m)
```

Ọ̀nà àtijọ́ kan wà, tí wọ́n fi ń ya ln((K − N)/N) sórí bébà láti rí ìlà tààrà. A kò lò ó. Ó ń béèrè pé kí èèyàn ti mọ K kó tó bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ K gan-an ni à ń wá. Àṣìṣe ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin nítòsí òpin sì lè gbé ìlà náà kúrò lójú ọ̀nà pátápátá.

Èsì omi A: K = 410, r = 0.32 lójúmọ́. Ààlà ìdánilójú ìdá 95 nínú 100 jẹ́ bíi 405 sí 414 fún K. Láti inú r, ewé ń di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ 2.2 ní ìbẹ̀rẹ̀ (ln 2 ÷ 0.32). Ìdàgbà yá jù lọ nígbà tí iye dé K/2, ìyẹn 205, ní nǹkan bí ọjọ́ kẹsàn-án. Ní àkókò yẹn ewé 33 ló ń kún un lójúmọ́ (rK/4). Ìyàtọ̀ láàárín iye tí a kà àti ti ìlà kò ju ewé márùn-ún lọ níbikíbi, ó sì ń lọ sókè sódò láì gbè sẹ́yìn ibì kan. Ìlà náà bá a mu.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí 405 sí 414 tàn yín. Ìpíndọ́gba ni a fún kọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún, ewé 379 ló wà nínú abọ́ kìíní, 408 nínú èkejì, 437 nínú ẹ̀kẹta. Ààlà tóóró yẹn ń sọ bí ìlà ṣe bá ìpíndọ́gba mu tó, kò sọ bí abọ́ ṣe yàtọ̀ sí abọ́. Ẹni tó bá tún gbé abọ́ tuntun kalẹ̀ lọ́la tó sì rí 385, kò tíì rí ohun àjèjì.

A tún wò ó pé, ká ní a dáwọ́ kíkà dúró ní ọjọ́ kẹwàá ńkọ́? Kọ̀ǹpútà yóò ṣì fún wa ní K, bíi 380, ṣùgbọ́n àṣìṣe ìdíwọ̀n rẹ̀ yóò tó 30, nígbà tí ó jẹ́ bíi 2 péré pẹ̀lú gbogbo ọjọ́ náà. Títí di ọjọ́ kẹwàá, ìlà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ìdajì òkè ni. Ibi tí ìlà ti ń tẹ́ ni K ti ń hàn, ibi tí ó ti ń gùn ni r ti ń hàn.

Kí ni K = 410 túmọ̀ sí?

Ìdáhùn tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni pé abọ́ ti kún. Kò kún. Ewé kọ̀ọ̀kan gùn tó 4 mm, ó fẹ̀ tó 3 mm, fífẹ̀ ojú rẹ̀ sì tó 9.4 mm². Ewé 410 yóò bo bíi 38.5 cm², tí kò pé ìdajì ojú omi. Ẹnikẹ́ni tó bá yọjú wo abọ́ ń rí omi gbalasa láàárín ewé. Kí ló wá dá wọn dúró?

Omi A fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́. Láti nǹkan bí ọjọ́ kẹrìndínlógún ni ewé ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, gbòǹgbò sì ń gùn sísàlẹ̀, bí dọ́kíwíìdì ṣe máa ń ṣe nígbà tí náítírójìn tàbí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá ń tán nínú omi. Nínú omi B, ewé tutù títí di òpin, gbòǹgbò kúrú, r sì jẹ́ 0.33, tí kò yàtọ̀ sí ti A. K ti B ni 735. Ewé 735 yóò bo bíi 69 cm² nínú 78.5, àwọn kan sì ti gun orí ara wọn. Níbẹ̀, àyè àti ìmọ́lẹ̀ ló tán kí oúnjẹ tó tán.

Ewéko kan náà ni, abọ́ kan náà, r kan náà, síbẹ̀ K fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Nítorí náà a kò lè kọ ọ́ pé "K ti dọ́kíwíìdì jẹ́ 410." Ohun tí a lè kọ ni pé K ti Lẹ́mínà nínú omi A, 400 ml, ojú omi 78.5 cm², lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, jẹ́ 410, oúnjẹ ló sì pààlà rẹ̀.

Láti dán ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí wò, lẹ́yìn kíkà ọjọ́ kẹrìnlélógún, a da omi abọ́ kẹta nù, a fi omi A tuntun rọ́pò rẹ̀, a kò sì fọwọ́ kan abọ́ kìíní àti èkejì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, 437 ti di 562. Abọ́ kìíní wà ní 384, èkejì ní 411. Àyè kò fẹ̀ sí i. Omi nìkan ló yí padà.

Ohun kan tí ìlà kò lè sọ: ó gbà pé tí iye bá dé K, yóò dúró síbẹ̀ títí. Nínú abọ́ tí oúnjẹ kò wọlé mọ́, kò dájú pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Ewé àtijọ́ ń kú, a ti ń rí funfun díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ ogún. Ó lè jẹ́ pé òun ló mú 401 di 398, ó sì lè jẹ́ àṣìṣe kíkà. Ewé mẹ́ta kéré jù láti fi jà.

Ìlò fún olóko ẹja

Bàbá olóko tó fún wa ní ewéko bi wá pé ewé mélòó ni kòtò òun lè gbà. Kòtò náà jẹ́ mítà 5 ní 10, ìyẹn 500,000 cm². Bí a bá fi ewé 5.2 fún cm² kan ti omi A ṣírò, a ó rí bíi mílíọ̀nù 2.6. Ìṣirò náà tọ́, ìdáhùn náà kò tọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń da oúnjẹ ẹja sínú kòtò, ẹja àrọ̀ sì ń yàgbẹ́ sí i, nítorí náà omi B ló jọ ọ́ jù, oúnjẹ kò sì ní tán níbẹ̀. Ewé 9.4 fún cm² kan ti omi B yóò fún un ní bíi mílíọ̀nù 4.7, ojú omi ni yóò sì pààlà rẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ máa kó o fún ẹja epìyà jẹ, kò yẹ kó dúró dìgbà tí ojú omi bá bò tán, nítorí ìdàgbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró nígbà náà. Kó jẹ́ kí ewé wà ní nǹkan bí ìdajì iye tí kòtò lè gbà, kó sì máa kó èyí tó bá lé. A ti sọ fún un pé kó fi okùn àti ọ̀pá oparun pín ojú omi sí méjì, kó máa kó gbogbo ohun tó bá ré kọjá okùn.