Sí gbogbo ẹ̀yin tó ń dá àjọ lọ́dọ̀ wa ní Kétu

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa,

Lóru ọjọ́ Àìkú, àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì jí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wa kó. Orúkọ yín, nọ́ńbà fóònù yín àti iye tí oníkálukú ti dá ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá fi fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ ránṣẹ́ sí wa, fọ́tò náà bá a lọ. Owó yín pé, fàráǹkì kan ò dín. Nọ́ńbà àṣírí owó fóònù yín kò sì sí lọ́dọ̀ wa rí.

Ìpè ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tó mọ̀ pé ẹ ti dá 45.000 lè pè bí ọmọ iṣẹ́ wa: “Ìyá, ẹ ka kódù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún mi.” Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kà á! A kì í béèrè kódù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ pa ìpè náà.

Ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà yín padà lónìí, níbikíbi tí ẹ bá ti ń lò ó. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, kó wá bá wa lọ́jà, a ó bá a ṣe é lójú rẹ̀.

A ti fi tó APDP, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn ará ìlú, létí. Ó dùn mí dọ́kàn, ẹ má bínú.

Olùdásílẹ̀