Àlàyé fún Alhaji lórí nótíìsì àti kíkó ayálégbé kúrò nílé Ìtirẹ̀

Òjúẹlẹ́gba, Sùúrùlérè
Ọjọ́ 9, oṣù kẹsàn-án, 2024

Alhaji, ẹ kú àmójútó ilé o, sà.

Mo ti ka àgíríméǹtì tí ẹ bá ayálégbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí n tètè sọ èyí tó jẹ yín lógún: ẹ ò lè ní kó kó jáde lọ́dún yìí. Owó ilé tó san, ₦900,000, gbé e dé ọjọ́ 31, oṣù kẹta, 2025. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ká máa fojú sí.

Abala 9 ló sọ ti nótíìsì. Ẹ̀yin tàbí òun, ẹni tó bá fẹ́ fòpin sí i gbọ́dọ̀ fún ẹnì kejì ní nótíìsì oṣù mẹ́ta, nínú ìwé. Àbúrò yín sọ fún yín pé oṣù mẹ́fà ni. Kò purọ́. Òfin ilé gbígbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 fún ayálégbé ọlọ́dọọdún ní oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n ìgbà tí àgíríméǹtì kò bá sọ iye oṣù kankan nìyẹn. Tiyín sọ ọ́, ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Oṣù mẹ́ta la máa tẹ̀ lé.

Torí náà, nótíìsì gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí oṣù kejìlá tó parí. Èmi ò ní jẹ́ ká dúró dìgbà yẹn. Ìparí oṣù kọkànlá ni mo fẹ́ fi jíṣẹ́, nítorí ọdún Kérésì, àwọn èèyàn a máa relé. Ẹ ò ní láti sọ ìdí kankan nínú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀, ilé àti iyàrá tó ń gbé, ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kó jáde, déètì àti ìbuwọ́lùwé ti tó.

Ọ̀nà tí a ó gbà fún un wà ní abala 11: ká fi lé e lọ́wọ́, tàbí ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò sí Wọ́sáàpù níbẹ̀, kò sì sí "mo ti sọ fún ìyàwó rẹ̀". Bó bá gbà á, kó fọwọ́ sí ẹ̀dà tiwa, kó kọ déètì. Bó bá kọ̀, a ó lẹ̀ ẹ́, a ó ya fọ́tò, ẹnì kan a sì ṣẹlẹ́rìí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilé ti ń bàjẹ́ mọ́ lándílọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ní kọ́ọ̀tù.

Bí ọjọ́ 31, oṣù kẹta bá kọjá tí kò kó jáde, ìwé kejì ló kàn: nótíìsì ọjọ́ méje, tó ń sọ fún un pé ẹ fẹ́ lọ sí kọ́ọ̀tù láti gba ilé yín. Lẹ́yìn ọjọ́ méje náà, mo lè pe ẹjọ́ ní kọ́ọ̀tù majísíréètì. Ẹ jọ̀ọ́, lẹ́yìn oṣù kẹta, ẹ má ṣe gba owó kankan lọ́wọ́ rẹ̀ láìkọ́kọ́ bi mí. Bí ẹ bá já rìsíìtì "owó ilé" fún un, ó lè sọ ní kọ́ọ̀tù pé ẹ ti fún un ní ọdún tuntun.

Abala 10 ló ń kọ mí lóminú. Ó ní bó bá rú àdéhùn, bíi ti ẹ̀rọ ìlọta tí ẹ ní ó gbé sẹ́yìnkùlé, ẹ kọ̀wé sí i kó tún un ṣe láàárín ọjọ́ 14. Ìyẹn dára. Ó tún wá ní bí owó ilé bá fi ọgbọ̀n ọjọ́ pẹ́, lándílọ́ọ̀dù "lè wọ inú ilé rẹ̀ padà". Ẹ má gbára lé gbólóhùn yẹn. Láìsí àṣẹ kọ́ọ̀tù, ẹ ò gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn pa, ẹ ò gbọ́dọ̀ gé iná, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ ṣí òrùlé. Òfin 2011 náà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀: owó ìtanràn tó lè tó ₦250,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tó lè tó oṣù mẹ́fà. Mo mọ̀ pé inú ń bí yín sí ẹ̀rọ yẹn, ṣùgbọ́n tí ilé bá lẹ fẹ́ gbà, ẹ jẹ́ ká fi abala 9 gbà á. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Owó kọ́ṣọ̀n, ₦100,000, tiẹ̀ ni. Abala 12 ní kí ẹ dá a padà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó bá ti kó jáde, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ owó ohun tó bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ ilé náà wò, kí ẹ̀yin àti òun wà níbẹ̀, ká kọ ohun tí a bá rí sílẹ̀.

Ohun tí mo nílò báyìí: ojúlówó àgíríméǹtì, ẹ̀dà rìsíìtì ọdún yìí, àti ìwé àṣẹ tí mo fi mọ́ èyí, kí ẹ fọwọ́ sí i pé mo lè fún un ní nótíìsì lórúkọ yín. Ẹ fi wọ́n rán ọmọ yín tó ń ṣiṣẹ́ ní Òjúẹlẹ́gba, kó fà wọ́n lé mi lọ́wọ́ kí oṣù kẹwàá tó parí.

Èmi ni,
Lọ́yà yín