Ìforígbárí, Ààlà àti Ìfọ̀rọ̀wérọ̀: Ẹ̀sìn àti Sáyẹ́ǹsì Lórí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀jẹ̀

Nínú ìwé tó gbé jáde ní 1990, Ian Barbour, onímọ̀ físíìsì àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, to ọ̀nà mẹ́rin sílẹ̀ tí ẹ̀sìn àti sáyẹ́ǹsì ń gbà bára wọn gbé: ìforígbárí, kí kálukú dúró sí àyè rẹ̀, ìfọ̀rọ̀wérọ̀, àti ìdàpọ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni màá yẹ̀ wò. Èrò mi ni pé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ló bá ohun tí à ń rí l'Ékòó mu jù, àmọ́ kò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì kò bá mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Àwọn tó gbé ìforígbárí lárugẹ jù nínú ìwé wọn ni John William Draper ní 1874 àti Andrew Dickson White ní 1896. Ẹjọ́ Galileo, onímọ̀ nípa ojú ọ̀run, ni ẹlẹ́rìí tí wọ́n máa ń pè: ní 1633, ṣọ́ọ̀ṣì mú un ní Róòmù pé kó sẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ayé ló ń yí oòrùn po, inú àhámọ́ ilé rẹ̀ ló sì wà títí tó fi kú ní 1642. Ìwà ìkà gbáà ni. Síbẹ̀, onígbàgbọ́ ni Galileo fúnra rẹ̀. Àlùfáà Kátólíìkì sì ni Georges Lemaître tó sọ ní 1927 pé àgbáyé ń fẹ̀ sí i. Tó bá jẹ́ pé ìjà nìkan ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ibo la máa fi irú ọkùnrin yìí sí?

Stephen Jay Gould, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí, ló sọ̀rọ̀ ààlà, ìyẹn kí kálukú dúró sí àyè rẹ̀, ní 1997: kí sáyẹ́ǹsì máa sọ bí nǹkan ṣe rí, kí ẹ̀sìn máa sọ ìtumọ̀ ayé àti ìwà tó tọ́. Ó tuni lára, ó sì ń dá ìjà dúró. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mú un wá sílé. Àwọn baba wa rí ọmọ tó ń kú, tí wọ́n sì gbà pé ọmọ kan náà ló ń padà wá, wọ́n ní àbíkú ni. Wọ́n sọ wọ́n ní Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́. (Ọba Èkó kan tilẹ̀ jẹ́ Kòsọ́kọ́, ó jọba láti 1845 sí 1851.) Ní 1949, onímọ̀ kẹ́mísírì Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú èròjà tó ń gbé afẹ́fẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì pupa ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo àbíkú ni àrùn yìí pa, ibà náà pa ọ̀pọ̀. Àmọ́ ohun kan náà ni ìyá tó ń sin ọmọ àti ẹni tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ń bi ara wọn léèrè: kí ló pa á? Kò sí ààlà tó lè pín ìbéèrè yẹn sí méjì.

Ibi tí mo ti rí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ fojú ara mi ni ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Múṣín. Kí wọ́n tó gba ọjọ́ ìgbéyàwó, pásítọ̀ ní kí òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ ṣe jẹ́nótáìpù ní lábù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. AS ni àwọn méjèèjì. Nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ da ẹ̀wà sórí tábìlì, ó ṣa hóró funfun méjì, pupa méjì, ó fún kálukú wọn ní funfun kan tó dúró fún A, pupa kan tó dúró fún S, ó ní kí wọ́n máa mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láìwò. Ó ṣàlàyé pé nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé pupa méjì á pàdé, pé ọmọ á jẹ́ SS, á sì ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ó tún là á yé wọn pé oyún tó bá tẹ̀ lé e kò rántí èyí tó ṣáájú.

Àfẹ́sọ́nà ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ ṣáà bá wa gbàdúrà, sà."

Pásítọ̀ dáhùn pé, "Màá gbàdúrà, ṣùgbọ́n mi ò ní fi àdúrà bo ìwé yìí mọ́lẹ̀."

Nọ́ọ̀sì náà fi kún un pé ìwé àyẹ̀wò kò lè pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni pé kó fẹ́ra tàbí kó má fẹ́ra. Níbi tí mo jókòó sí, ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn ló jẹ́ kí n gbà pé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ṣeé ṣe.

Àléébù rẹ̀ náà wà, Barbour kò sì tẹnu mọ́ ọn tó. Ọwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni àṣẹ ìgbéyàwó wà. Àwọn ìjọ kan wà tí kò ní so AS méjì pọ̀ rárá, níbẹ̀, ẹ̀sìn ti gba ìwé sáyẹ́ǹsì, ó sì sọ ọ́ di òfin. Ìyẹn kì í ṣe ìfọ̀rọ̀wérọ̀ mọ́, nítorí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kò ní ohùn níbẹ̀. Ti Múṣín yàtọ̀: ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n fún àwọn ní oṣù mẹ́ta, pásítọ̀ sì gbà. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì mú ìwé àyẹ̀wò náà, wọ́n wọkọ̀ lọ sí Ìdí-Àràbà lọ bá àwọn tó ń tọ́jú àrùn náà, pẹ̀lú ìbéèrè mọ́kànlá tí ẹ̀gbọ́n mi kọ sẹ́yìn ìwé ìsìn ọjọ́ Àìkú.