Ìdáhùn Ìbéèrè Kẹrin: Ṣé àpò ìrẹsì náà pé 50 kg?

Àbúrò mi,

Mo rí fọ́tò iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ láti Adó. Iná ta sí ojú ìwé náà, ó sì bo nọ́ńbà keje, débi pé èèyàn kò lè mọ̀ bóyá 50.3 ni àbí 50.8. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ Σx = 494.0 sí abẹ́ tábìlì náà. Mo ro mẹ́sàn-án yòókù pọ̀, ó jẹ́ 443.7. Ohun tó kù kó pé 494.0 ni 50.3. A jẹ́ pé 3 ni, kì í ṣe 8. Kọ gbogbo rẹ̀ báyìí kí o tó bẹ̀rẹ̀:

```
49.2  50.1  48.7  49.5  49.9
48.9  50.3  49.0  49.6  48.8
```

Ohun tí ìbéèrè náà sọ ni pé oníṣòwò kan ń ta ìrẹsì Ìgbẹmọ, ó sì kọ 50 kg sára àpò. Àwọn oníbàárà ń ṣàròyé pé kò pé bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú àpò mẹ́wàá láìyan èyíkéyìí láàyò, wọ́n gbé wọn sórí ìwọ̀n. (a) Ní ìpele 5%, ṣé ẹ̀rí wà pé òótọ́ ni àròyé náà? (b) Ṣé ìdáhùn rẹ yóò yí padà ní ìpele 1%?

Àbá méjì la máa kọ sílẹ̀ ná. Èyí àkọ́kọ́ ni ohun tí oníṣòwò náà ń sọ, òun la ó dì mú títí ẹ̀rí yóò fi já a. Èkejì ni ohun tí àwọn oníbàárà ń sọ. μ ni ìpíndọ́gba ìwọ̀n gbogbo àpò tí oníṣòwò náà ń tà.

```
H0: μ = 50
H1: μ < 50
```

Mo rí i pé o ti fi pẹ́ńsù kọ μ ≠ 50 sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Pa á rẹ́. Kò sí ẹni tó ń ráhùn pé ìrẹsì pọ̀ jù. Pé ó dín ni wọ́n ń sọ, nítorí náà apá kan ṣoṣo ni a ń wò. Ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wa, kì í ṣe àwọn nọ́ńbà inú tábìlì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wo nọ́ńbà kó tó yan àbá rẹ̀ ti dá ẹjọ́ kó tó gbọ́ ẹjọ́, àwọn tó ń máàkì sì máa ń tètè rí i.

O tún kọ z sí abẹ́ rẹ̀. Kò lè jẹ́ z. Wọn kò sọ fún wa bí ìwọ̀n gbogbo àpò tí oníṣòwò náà ń tà ṣe ń yàtọ̀ síra, inú mẹ́wàá péré yìí la ti máa wá a. Bí iye àpò bá kéré báyìí, ìyàtọ̀ tí a fojú bù náà lè ṣì wá díẹ̀, z kò sì ka ìyẹn sí. Irú ìṣòro yìí ni William Sealy Gosset bá pàdé nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìpọntí Guinness ní Dublin, níbi tí àyẹ̀wò kì í ti í pọ̀. Ní 1908 ó tẹ ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ jáde, ó fi "Student" ṣe orúkọ. Òun ni t tí a ń lò títí dòní.

Ó yá, ìṣirò. Ìpíndọ́gba ni 494.0 ÷ 10 = 49.4. Yọ 49.4 kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan:

```
-0.2   0.7  -0.7   0.1   0.5
-0.5   0.9  -0.4   0.2  -0.6
```

Rò wọ́n pọ̀, kó jẹ́ 0. Bí kò bá jẹ́ 0, má lọ síwájú, ibì kan ti yẹ̀. Lẹ́yìn náà, sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, kí o sì ro wọ́n pọ̀: 2.90. Mẹ́sàn-án ni o máa fi pín in, kì í ṣe mẹ́wàá, torí pé inú àwọn nọ́ńbà yìí kan náà la ti mú ìpíndọ́gba; bí o bá mọ mẹ́sàn-án, ìkẹwàá ti di mímọ̀.

```
s = √(2.90 / 9) = 0.5676
s / √n = 0.5676 / √10 = 0.1795
t = (49.4 - 50) / 0.1795 = -3.34
```

Má jẹ́ kí àmì ìyọkúrò yẹn bọ́ nù. Òun ló ń sọ pé apá ibi tí àwọn oníbàárà ń tọ́ka sí ni ìpíndọ́gba wà.

Nínú tábìlì t, lọ sí ìlà 9, ìyẹn mẹ́sàn-án tí a fi pín lẹ́ẹ̀kan, apá kan, 5%: 1.833. Apá òsì la wà, nítorí náà ààlà wa ni −1.833. −3.34 ti kọjá ààlà náà lọ sí òsì. A kọ H0, ìyẹn ni pé a kò gbà á mọ́.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí jù lọ. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dá ọwọ́ dúró síbi "a kọ H0", wọ́n á fàlà sí i nídìí. Oníbàárà tó ń ra ìrẹsì ní Ọjà Ọba kò mọ ohun tó ń jẹ́ H0. Ohun tó bi ọ́ ni bóyá àpò náà pé. Dá a lóhùn. Kọ ọ́ báyìí:

"Ní ìpele 5%, ẹ̀rí tó lágbára wà pé ìpíndọ́gba ìwọ̀n àpò ìrẹsì tí oníṣòwò yìí ń tà kò tó 50 kg. Nínú àpò mẹ́wàá tí a wọ̀n, ìpíndọ́gba jẹ́ 49.4 kg, ó fi 0.6 kg dín. Àròyé àwọn oníbàárà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀."

Má kọ pé gbogbo àpò ló dín. Wo 50.1 àti 50.3: àwọn méjèèjì lé. Ìpíndọ́gba la dán wò. Má sì kọ pé oníṣòwò náà ń rẹ́ni jẹ. Ìrẹsì tí kò gbẹ dáadáa nígbà tí wọ́n dì í lè fúyẹ́ bó bá ṣe ń gbẹ sí i, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n náà lè má péye. Ìṣirò yìí sọ pé àpò dín, kò sọ ohun tó mú un dín. Orúkọ èèyàn kì í ṣe ohun tí a ń fi tábìlì t bà jẹ́.

Tí wọ́n bá bi ọ́ nípa p, ó kéré sí 0.005. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, ká ní ìpíndọ́gba pé 50 kg lóòótọ́, a kò ní rí t tó lọ sísàlẹ̀ tó báyìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú igba ìgbà tí a bá mú àpò mẹ́wàá. Kì í ṣe pé 0.005 ni ìṣeéṣe pé oníṣòwò náà jàre. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀ka (b) kò gba àkókò. Ìlà 9 kan náà, apá kan, 1%: 2.821. −3.34 ṣì kọjá −2.821, ìdáhùn kò yí padà. Kọ ìdí náà sí i, kì í ṣe "rárá" nìkan.

Ohun kan ṣoṣo tó kù: fi gbólóhùn kan sí òkè iṣẹ́ rẹ pé o gbà pé ìwọ̀n àwọn àpò náà tàn ká bó ṣe yẹ kí t ṣiṣẹ́, pé púpọ̀ sún mọ́ àárín, tí díẹ̀ jìnnà sí i lápá méjèèjì. Àpò mẹ́wàá kéré, nítorí náà ó yẹ kí a sọ ọ́ jáde. Bí o bá ti dà á kọ tán, ya fọ́tò rẹ̀ fún mi kí o tó lọ fi sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀bá fèrèsé ni kí o ti yà á.