Nọ́ńbà Mẹ́sàn-án

Ọdún mẹ́ta ni ológbò wa fi sùn lórí lápútọ́ọ̀pù yẹn. Orí àpótí ìwé ló wà nínú yàrá bàbá àgbà, a fi àdìrẹ tó ti gbó bò ó. Bọ̀ọ̀dá Lukmọ́nù ló ni ín. Òun ló fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní Pólì, níbí ní Ọ̀fà, kó tó gba Èkó lọ. Orí rẹ̀ náà ló ti kọ́ mi ní PES 2013, géèmù bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà, nígbà tí mo ṣì wà ní pírámárì. Màá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á ní kí n máa fi bọ́tìnnì sáré, òun á sì bá mi gbá a sílé. Kò tíì sí géèmù tó dùn mọ́ mi tó o látìgbà náà, títí kan gbogbo ti orí fóònù.

Lọ́jọ́ tí a gba ìsinmi táàmù kejì, mo gbé ológbò sọ̀ kalẹ̀, mo tan án. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló lò kó tó ṣí tán. Mo fi aago ìyá mi kà á. Nígbà tí géèmù sì wọlé, ó bà mí nínú jẹ́. Bọ́ọ̀lù á gbéra lẹ́sẹ̀ agbábọ́ọ̀lù, á máa lọ lófuurufú bí ewé tó ń bọ́ sódò. Bí PES ṣe rí nìyẹn: tí ẹ̀rọ ò bá lè ya àwòrán rẹ̀ yá, eré fúnra rẹ̀ ló máa ń falẹ̀, àti aago inú rẹ̀. Kí ìlàjì àkọ́kọ́ tó parí, abẹ́ ẹ̀rọ ti gbóná débi pé n kò lè gbé e lé itan, ó sì kú pìì.

Mo gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò ṣí i. Ó yí i padà, ó rí ọdún 2008 lábẹ́ rẹ̀, ó ní, "Èyí ti kú. Sọ fún wọn nílé kí wọ́n ra tuntun."

Bàbá àgbà wà lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé.

"Ṣé ó ṣí i wò?"

"Rárá, sà."

"Kò fọwọ́ kan aláìsàn, ó ti ní ó kú." Ó mi orí. "Lọ mú ìwé àti bírò wá."

Ẹ̀rọ ìránṣọ ni bàbá àgbà fi ogójì ọdún tún ṣe. Kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó mọ ẹ̀rọ. Ohun tó sọ fún mi lọ́jọ́ náà ni mo kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́: ohun kan lẹ́ẹ̀kan. Tí mo bá yí nǹkan méjì pọ̀, tó bá sì dára, n kò ní mọ èyí tó ṣe é. Tó bá bàjẹ́, n kò ní mọ èyí tí màá dá padà. Kí n yí ọ̀kan, kí n wò ó, kí n kọ ohun tí mo rí.

"Ìjàkàdì lorò Ọ̀fà," ó ní, "ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìjàkàdì kì í fi agbára bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀."

Ooru ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Mo fi Core Temp, ètò tó ń ka ooru ẹ̀rọ, wò ó: díígírì 96 nígbà tí géèmù ń lọ lọ́wọ́. Tí ooru bá ga tó bẹ́ẹ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà á fúnra rẹ̀ dẹ ìrìn. Bí ìyẹn ò bá tó, á pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ náà kò ya ọ̀lẹ. Ó ń sá fún ikú ni. Èyí tún mú kí àánú rẹ̀ ṣe mí.

Mo tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, mo yọ bátìrì, mo tú sùkúrù. Bàbá àgbà ní kí n to wọ́n sórí bébà bí wọ́n ṣe wà lára ẹ̀rọ, kí n ya àwòrán ibi tí kálukú ti jáde. Nígbà tí mo dé ìdí fáànù, mo pè é kó wá wò ó. Láàárín fáànù àti àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ooru ń gbà jáde, eruku ti di aṣọ. Mo fi ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ gbé e, ó jáde lódindi, ó nípọn, ó rí bí òwú, irun ológbò sì wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kankan ò lè gba ibẹ̀ kọjá. Pééstì tó wà láàárín ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti irin tó ń gba ooru lára rẹ̀ náà ti gbẹ, ó ń ṣẹ́ bí ẹfun. Mo fi òwú àti sípíríìtì nù ún títí ojú rẹ̀ fi ń dán. Ìyá mi fún mi ní ẹgbẹ̀rún kan náírà, mo fi ra pééstì tuntun, mo fi ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan sí àárín rẹ̀.

Nígbà tí mo tún tan án, atẹ́gùn tó jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbé ewé ìwé mi. Ọmọ Irá ni bàbá àgbà, ó sì rẹ́rìn-ín: "Ọya ti padà sílé."

Mo kọ ọ́: 96 ti di 71. Kò kú mọ́. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ṣì ń fò bí ewé.

Lọ́jọ́ kejì mo tẹ `msconfig`. Ètò 19 ló ń bá ẹ̀rọ jí lẹ́ẹ̀kan náà: ti ìtẹ̀wé tí a ò ní mọ́, ti fóònù tó ti sọnù. Mo fi mẹ́rin sílẹ̀, títí kan agbógunti-fáírọ́ọ̀sì. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá di mẹ́rin. Lọ́jọ́ kẹta mo pa àwọn ọ̀ṣọ́ ojú Windows 7, òjìji àti dígí rẹ̀, mo sì rí i pé ẹnì kan ti ní kó máa ṣọ́ iná lò nígbà gbogbo. Mo yí ìyẹn padà:

```
powercfg /setactive SCHEME_MIN
```

Ìyàtọ̀ wà, àmọ́ kò pọ̀. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "ó dára díẹ̀." Bàbá àgbà kà á, ó ní òun fẹ́ràn pé n kò bu iyì kún un.

Ráàmù gan-an ni àrùn tó kù. Gíígì kan péré ló wà nínú rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé gíígì kan náà ni PES 2013 ń bèèrè ní kíkéré jù, bẹ́ẹ̀ Windows ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ kí géèmù tó débẹ̀. Ihò kejì ṣófo. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bá ìyá mi ru àpò gàrí ní ọjà kó tó fún mi ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ọmọ Pólì kan tó ń ta àlòkù ta ráàmù DDR2 gíígì méjì fún mi.

Mo tì í bọ inú ihò náà, mo tan án. Ojú dúdú. Ó ń ké píì, píì. Mo yọ ọ́, mo tún fi í, ohun kan náà. Mo jókòó sílẹ̀, omi lé ròrò sójú mi, torí mo ti rí i pé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ti lọ.

"Ẹ̀rọ tuntun ò ní ìdọ̀tí lẹ́nu," bàbá àgbà sọ láti ibi tó wà. "Àlòkù ni o rà. Wo ẹnu rẹ̀."

Mo gbé e sí ojú oòrùn. Eyín wúrà kéékèèké tó wà létí rẹ̀ ti ṣú, bí abọ́ bàbà tí a ò fọ̀. Mo mú réésà pẹ́ńsù àbúrò mi, mo rọra fi nù ún síhìn-ín, sọ́hùn-ún, mo fẹ́ èérún rẹ̀ dànù, mo yí i sí ẹ̀yìn. Nígbà tí mo parí, ó ń dán yinrin. Mo tún tì í bọ inú ihò náà, ó dún kọ́. Ojú tàn. Gíígì mẹ́ta.

Ó wá ku inú géèmù fúnra rẹ̀. Mo ṣí `settings.exe`. Ojú ẹ̀rọ náà jẹ́ 1280 × 800: ẹ̀rọ ní láti kun àmì tó lé ní mílíọ̀nù kan fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Mo sọ ọ́ di 800 × 600, ó bọ́ sí 480,000, kò tó ìdajì. Mo wò ó, mo kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo tó mú bí àwòrán ṣe dára tó wá sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Koríko di aláwọ̀ kan, ojú àwọn òǹwòran kò yàtọ̀ síra mọ́. N kò bìkítà, torí bọ́ọ̀lù gbéra lẹ́sẹ̀ agbábọ́ọ̀lù, ó sì dé ibi tó ń lọ. Ó dé lásìkò tó yẹ kó dé! Mo gbá eré kan tán pẹ̀lú ara gbígbọ̀n, ooru kò kọjá 74.

Mo lè dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà ti wà pẹ̀lú mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sì béèrè nǹkan kan. Ní alẹ́ yẹn mo wọ ibi tí wọ́n ti ń dá agbábọ́ọ̀lù tuntun sílẹ̀. Mo ya ọkùnrin gíga, sẹ̀ǹtímítà 190, ẹsẹ̀ líle, orí líle. Mo kọ orúkọ sí ẹ̀yìn aṣọ aláwọ̀ ewé: YEKINI. Nọ́ńbà 9.

Ọmọ Irá ni Rashidi Yekini, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà. Irá ni wọ́n sin ín sí ní 2012, ọdún kan náà tí PES 2013 jáde, Yekini kò sì sí nínú rẹ̀.

Mo pe bàbá àgbà lẹ́yìn ìṣá. Mo fi Nàìjíríà kọjú Bùlùgéríà. Kò sọ̀rọ̀. Ó fa àga sún mọ́ ọn, ó wọ dígí ojú rẹ̀, ó ka orúkọ ẹ̀yìn aṣọ náà síta, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ní ìṣẹ́jú kẹtàlélógójì ni bọ́ọ̀lù wá láti ọwọ́ ọ̀tún, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo fi nọ́ńbà 9 tì í wọlé.

Agbábọ́ọ̀lù náà sáré lọ sí igun pápá, ó na apá.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀," bàbá àgbà ní. "Kò lọ síbẹ̀. Inú àwọ̀n ló lọ."

Ó dìde. Ní òru ọjọ́ 21 mọ́jú 22, oṣù Okúdù, ọdún 1994, nígbà tí Yekini gbá bọ́ọ̀lù sílé Bùlùgéríà ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, àwọn ogún èèyàn ló kún ilé kan ní Irá tí tẹlifíṣọ̀n wà, òun náà wà níbẹ̀. Ó ti sọ ọ́ fún mi tó ìgbà tí n kò lè kà. Ṣùgbọ́n kò fi hàn mí rí. Ó rìn lọ sí ojú fèrèsé, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ki ìka rẹ̀ bọ inú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ó dì í mú, ó gbé ojú sókè, ẹnu rẹ̀ là.

Wọ́n mú iná lọ. Bátìrì náà ò lè gbé ẹ̀rọ ró fún ìṣẹ́jú kan, ojú rẹ̀ ṣú, yàrá ṣókùnkùn.

N kò gbọ́ kí bàbá àgbà padà sórí àga. Nẹ́ẹ̀tì nìkan ni mo ń gbọ́, ó ń dún díẹ̀díẹ̀ lójú fèrèsé, níbi tó ti ń mì ín.