Àkíyèsí mi lórí orí kìn-ín-ní “Ọjọ́ Tí Ìdènà Ṣí”

Àbúrò mi Àṣàkẹ́,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Bá mi kí màmá, kí o sì bá mi kí gbogbo ará ilé ní Kétu.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka orí kìn-ín-ní ìwé ìtàn rẹ. Nígbà àkọ́kọ́, n kò mú kálámù dání. Nígbà kejì, mo mú kálámù pupa. Nígbà kẹta, mo kà á sókè fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Àjàṣẹ́ níbí, torí mo fẹ́ mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ yóò ti kúrò níbẹ̀. Ó kúrò ní ojú-ewé kejì. Ní ojú-ewé karùn-ún, ó gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀. Kò tún mú un mọ́ títí a fi dé ojú-ewé kọkànlá.

Ojú-ewé karùn-ún ni ìtàn rẹ ti bẹ̀rẹ̀, Àṣàkẹ́. Mẹ́rin tó ṣáájú rẹ̀, ìwọ ni wọ́n wúlò fún, kì í ṣe àwa tí a fẹ́ kà á.

Wo gbólóhùn tí o fi ṣílẹ̀kùn: “Kétu jẹ́ ìlú àtijọ́ kan tí ó wà ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí àwọn ọmọ Odùduwà tẹ̀ dó.” Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí olùkọ́ ń kọ sára pátákó ni. Kò sí ẹni tí ebi ń pa níbẹ̀, kò sí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Bí mo bá pa ìwé dé lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ohun tí yóò máa jẹ mí lọ́kàn. Ẹ̀wẹ̀, ọdún 1886 ni ìtàn rẹ wáyé. Ta ni ì bá mọ Bẹ̀nẹ̀ ní Kétu nígbà yẹn? Ní 1975 ni wọ́n tó yí orúkọ Dàhòmì padà. Gbólóhùn yẹn ti lé wa jáde nínú ìlú kí a tó wọ̀ ọ́. Bákan náà ni “Pọtonófò” tí o kọ sí ojú-ewé kẹta. Àjàṣẹ́ ni Àwẹ̀ró, ọmọ tí ìtàn rẹ dá lé, yóò pe ibẹ̀, bí èmi àti ìwọ ṣe ń pè é.

Wá wo ojú-ewé karùn-ún báyìí: “Ìyá rẹ̀ di àgbàdo mẹ́ta mọ́ ọn nínú ìró, ó ní bí hóró kan bá dín, òun yóò mọ̀.” Mo kà á, mo sì dìde jókòó dáadáa. Irú ilé wo ni wọ́n ti ń ka hóró àgbàdo? Ta ni wọ́n ń gbé e lọ fún? Kí ló dé tí ìyá kò fọkàn tán ọmọ rẹ̀? O kò dárúkọ ogun, o kò dárúkọ ìyàn, síbẹ̀ mo ti mọ̀ pé ìlú náà wà nínú ìdààmú. Gbólóhùn yìí gan-an ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Má fi nǹkan kan sí iwájú rẹ̀, ì báà jẹ́ òwe.

Nígbà tí ìyá àgbà bá ń pa àlọ́ fún wa, a kò tíì dákẹ́ “Ààlọ̀” tán tí Ìjàpá fi ti dé ẹnu ọ̀nà aká. Wọn kì í kọ́kọ́ sọ ìlú tí wọ́n bí baba Ìjàpá sí. Ìwọ tí o jẹ́ ọmọ Kétu sì mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jù mí lọ. Lóru Ẹ̀fẹ̀, Arábí Ajígbálẹ̀ a jáde wá gbá ojú agbo kí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ tó wọlé, ṣùgbọ́n kì í gbálẹ̀ mọ́jú. Ojú-ewé mẹ́rin wọ̀nyí ni Arábí tí kò fẹ́ kúrò lójú agbo.

Mo mọ̀ pé yóò dùn ọ́ láti yọ wọ́n. Mo rí iṣẹ́ tí o ṣe: bí wọ́n ṣe kúrò ní Ifẹ̀, bí ọba Ẹdẹ ṣe kó wọn wọ Kétu, bí wọ́n ṣe mọ odi yí ìlú ká, bí Gèlèlé ọba Dàhòmì ṣe kọlù wọ́n ní 1883, àti ikú Alákétu Òjékú. Má sun ún níná. Kọ ọ́ sínú ìwé mìíràn, kí o máa bu díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ òǹkàwé. Nínú àkópọ̀ ìtàn tí o fi ránṣẹ́, mo rí i pé aládùúgbò yóò kọ̀ láti fún ìyá Àwẹ̀ró ní iná lóru ní orí kẹta. Ibẹ̀ ni kí o gbé ìtàn ìyá arúgbó tó fi iná ta àwọn tó tẹ ìlú dó lọ́rẹ sí. Ní ojú-ewé kejì, ìtàn àtijọ́ lásán ni. Ní orí kẹta, lẹ́nu ìyá tó dúró lókùnkùn níwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn, yóò dunni wọra.

Ohun tí mo nílò láti mọ̀ kí orí kìn-ín-ní tó parí kò ju mẹ́ta lọ: ìlú wà ní títì, oúnjẹ ti tán, Dàhòmì wà lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ àgbàdo náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Irú ẹrù ìtàn bẹ́ẹ̀ kan tún wà tí o dà lé wa lórí, àmọ́ ó fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní ojú-ewé keje, baba Àwẹ̀ró sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé: “Bí o ṣe mọ̀, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì wọ ìlú wa, wọ́n pa Alákétu, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ.” Obìnrin yẹn wà nílùú lọ́jọ́ náà! O tilẹ̀ sọ ní ojú-ewé kẹwàá pé wọ́n kó àbúrò rẹ̀ lọ. Kí ló dé tí ọkọ rẹ̀ yóò fi máa ròyìn rẹ̀ fún un? Àwa ló ń bá sọ̀rọ̀, wọ́n kàn gbé e sí i lẹ́nu ni. Tọkọtaya tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí kì í pè é lórúkọ. Wọ́n lè ní “ọjọ́ yẹn,” kí wọ́n sì dákẹ́. Jẹ́ kí ọkọ́ àbúrò ìyá yẹn máa wà ní igun ilé, kí Àwẹ̀ró fẹ́ gbé e, kí ìyá rẹ̀ sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. A óò mọ̀ pé ẹnì kan ti lọ. Orúkọ rẹ̀ lè dé lẹ́yìn.

Oríkì tí ìyá àgbà ń kì ní ojú-ewé kẹsàn-án wá ńkọ́? Òun náà kún fún ìtàn ìdílé, ṣùgbọ́n má fọwọ́ kàn án. Ọmọ ń sunkún ebi, kò sí ohun tí wọn yóò fi sí i lẹ́nu, ìyá àgbà wá ń fi oríkì rẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ ni oríkì yẹn ń ṣe níbẹ̀. Mo kà á, omi bọ́ lójú mi.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹni tí a ń fi ojú rẹ̀ wo ìtàn. Láti ojú-ewé karùn-ún, ojú Àwẹ̀ró, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ni a fi ń wò. Ohun tó bá rí ni a rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹrin ni o já kúrò lára rẹ̀.

Ní ojú-ewé kẹfà: “Bàbá Oníbodè rò nínú ara rẹ̀ pé ọmọ yìí ń parọ́, ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ṣe é.” Báwo ni Àwẹ̀ró ṣe mọ̀? Ohun tó lè rí ni kí o fún wa. Bóyá báyìí: “Bàbá Oníbodè wo ìró rẹ̀ níbi tó ti wú, ó wo ojú rẹ̀. Ó wá yíjú sí ara odi bí ẹni tí ẹnì kan pè.” A rí àánú náà, a sì rí i pé ó mọ̀ pé irọ́ ni, láìsí pé a wọ inú rẹ̀. Ní ojú-ewé kẹjọ, o ní “ojú Àwẹ̀ró pọ́n bí ẹyìn ọ̀pẹ.” Kò lè rí ojú ara rẹ̀. Ó lè mọ̀ pé ó ń ta òun. Èyí kò le, ìlà kan ni yóò tún un ṣe.

Ti ojú-ewé kọkànlá ló dùn mí jù: “Kò mọ̀ pé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, baba òun gan-an ni yóò ṣí Àkábà Ìdènà fún àwọn ọ̀tá.” Háà! Àṣírí tó yẹ kó gbé ìwé yìí dé ìparí nìyẹn, o sì tú u ní orí kìn-ín-ní. Tí kò bá mọ̀, ta ló ń sọ fún wa? Yọ ọ́. Fi kọ́kọ́rọ́ ẹnubodè náà sí ọwọ́ baba, jẹ́ kó máa fi àtàńpàkò ra á bó ṣe ń wo àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń sùn, kí Àwẹ̀ró sì máa wò ó. Ìyẹn tó.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni ojú-ewé kejìlá, níbi tí o ti fò kọjá odi lọ bá àwọn obìnrin ológun Dàhòmì tí wọ́n ń nu ìbọn lẹ́bàá iná. Ìpínrọ̀ yẹn dára púpọ̀, bóyá òun ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, kò yẹ níbi tó wà. Fún ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní orí kejì, kó jẹ́ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

N kò sọ pé asọ̀tàn arínúróde kò dára. Àwọn ìyá wa tó ń pa àlọ́ máa ń wọ inú ẹkùn, wọ́n á wọ inú ìgalà, kò sì sí ẹni tó bá wọn jà. Bí o bá fẹ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ láti ìlà kìn-ín-ní kí a mọ ẹni tó ń bá wa sọ̀rọ̀. Àmọ́ èrò tèmi ni pé ti Àwẹ̀ró ni kí o dì mú. Ẹni tí wọ́n sé mọ́ inú odi kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí àwa náà kò bá mọ̀, a wà nínú ìlú pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn nǹkan kéékèèké wà tí mo fi kálámù pupa sàmì sí. “Aago mẹ́sàn-án alẹ́” kò bá 1886 mu. “Ó jẹ́ nígbà náà ni ó” wáyé lẹ́ẹ̀mẹfà. Faransé ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ níbẹ̀. “Ìgbà yẹn ló” ti tó.

Ìdí tí mo fi ń le koko lórí rẹ̀ ni pé ìyá ìyá mi máa ń sọ fún wa pé ìyá tòun wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí Àgbómẹ̀ nígbà tí Kétu fọ́. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, a kò sì mọ bí a ṣe lè béèrè. Mo ti ń retí ẹni tí yóò kọ ìwé yìí láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé.

Mò ń bọ̀ ní Kétu lópin oṣù tó ń bọ̀. Tẹ orí kìn-ín-ní tuntun náà sílẹ̀ dè mí, kó má ju ojú-ewé mẹ́wàá lọ. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, wá ìdáhùn sí nǹkan kan tí mo rò pé o gbàgbé. Àgbàdo mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ dì mọ́ ọn. Ní ojú-ewé kẹwàá, méjì ló kó lé ìyá àgbà lọ́wọ́. Ta ló jẹ ẹ̀kẹta?

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìyá Bọ̀dé, Àjàṣẹ́