Ìbéèrè lórí ripọ́ọ̀tì NBS: ṣé mo lè fi ṣe ẹ̀rí ní Ṣáputà Kẹrin?

Ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ sì kú wàhálà àwa ọmọ yín. Ṣáputà Kẹrin ti fẹ́ẹ̀ parí o, nǹkan kan ṣoṣo ló dá mi dúró, mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín kí n tó fi ránṣẹ́.

Ripọ́ọ̀tì MPI 2022 tí àjọ NBS gbé jáde, tí UNDP àti UNICEF wà ńbẹ̀, ni mo fẹ́ fi ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní mílíọ̀nù 133 èèyàn, ìyẹn 63%, ni òṣì ń bá fínra ní Nàìjíríà, Sókótó ló ga jù, 91%, Oǹdó tiwa ló kéré jù, 27%. Mà, mi ò lè kọ̀wé lórí àwọn ìdílé olóko kòkó tó ń fi igi dáná n'Ìdànrè kí n wá fo 27% yẹn, torí nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi mí ní difẹ́ǹsì ni pé ṣé ìpínlẹ̀ tí òṣì ti kéré jù ni mo wá lọ wá òṣì sí.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í ṣe jọ́nà. Ẹnì kan ní kíláàsì wa ní ripọ́ọ̀tì ìjọba ò ṣe é fi ṣe ẹ̀rí rárá, àmọ́ èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ mà, ilé tó lé ní 56,000 ni wọ́n wọ̀ láàárín Nòfẹ́ńbà 2021 sí Fẹ́búárì 2022, wọ́n sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe yan ilé àti bí wọ́n ṣe ṣírò ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò á rí i yẹ̀ wò.

Ibi tí mo ti ń ṣọ́ra ni pé 27% yẹn, ti gbogbo ìpínlẹ̀ ni. Kódà tí mo bá lo ti Oǹdó Àárín Gbùngbùn, Àkúrẹ́ àti Ìdànrè ni wọ́n jọ pa pọ̀ síbẹ̀, èèyàn tó ń gbé Alágbàká sì kọ́ ló ń ṣẹ́gi. Àti pé kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ epo ní Méè 2023 ni wọ́n ti kó dátà yẹn jọ, gáàsì ò tíì wọ́n tó báyìí. Nítorí náà mi ò ní fi sọ pé báyìí ni Ìdànrè rí, mi ò sì ní fi sọ ohun tó fà á. Ìntáfíù tèmi ló máa sọ ìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè lò ó báyẹn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ní Ṣáputà Kẹrin, àbí kí n fi mọ sí Ṣáputà Kìíní níbi tí mo ti ń sọ bí ìlú ṣe rí? Tí ẹ bá ní kí n lò ó, ṣé kí n kọ NBS síbẹ̀ bí ẹni tó ni iṣẹ́, torí kò sí orúkọ èèyàn kankan lára kọ́fà ẹ̀?

Mo ti so pí-dí-ẹ̀fù ẹ̀ mọ́ ímeèlì yìí. Tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, mo lè wá sí ọ́fíìsì yín lọ́jọ́bọ̀ lẹ́yìn lẹ́kíṣọ̀ yín.

Ẹ ṣé gan-an mà.

Ọmọ yín,
Fúnmi